Fífi fóònù wọn gíga ilé tí a kò lè dé ìdí rẹ̀: ilé gíga kan lẹ́yìn ojú irin ní Yábàá

AkunléYábàá

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe. Wọ́n ní kí n mú iye owó wá fún kíkun ara ilé gíga kan ní ìhà Yábàá, lápá ibi tí ojú irin gbà lọ sí Ẹ̀bùtè Mẹ́ta. Ẹni tó ni ilé kò sí nílùú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sì ní ẹni tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún nìkan ni àwọn máa jẹ́ kó wọlé. Fẹ́ńsì gíga ló yí ilé náà ká, ojú irin sì wà láàárín òun àti títì tí mo lè dúró sí. Kò sí bí mo ṣe lè fa téèpù dé ìdí rẹ̀.

Mo wá gba áàpù kílínómítà kan sórí fóònù mi, èyí tó máa ń sọ iye dígírì tí èèyàn fi gbójú sókè. Ìlànà tí mo rí ni pé kí n ka igun orí ilé níbi kan, kí n sún sẹ́yìn, kí n tún kà á, kí n wá ṣírò rẹ̀. Mo sún sẹ́yìn mítà 10. Iwájú fún mi ní dígírì 30, ẹ̀yìn fún mi ní 27, ìṣirò sì ní gíga ilé jẹ́ mítà 43. Mo tún un ṣe, ẹ̀yìn di 26, gíga di mítà 31. Mo ní kí n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, iwájú di 29, ẹ̀yìn 27, ilé wá di mítà 63. Ilé kan náà o! Ẹni tó bá fi mítà 31 gba iṣẹ́ á jẹ gbèsè, ẹni tó bá fi 63 bèèrè owó kò ní rí iṣẹ́ gbà. Ṣé fóònù mi ló ní àrùn ni, àbí ìlànà yẹn ni kò dáa?

DáúdàKẹ́tu

Kí lẹ tún ń ṣe wàhálà fún? Ẹ ṣí áàpù atọ́nà inú fóònù yín. Ó máa ń kọ gíga ní mítà sísàlẹ̀. Tèmi ní mítà 38 báyìí bí mo ṣe jókòó sí Kẹ́tu.

AkunléYábàá

Ẹ̀gbọ́n Dáúdà, ìyẹn ń sọ bí ibi tí ẹ jókòó sí ṣe ga ju òkun lọ ni. Ilé tí mò ń wò lókèèrè kò sí nínú rẹ̀, àfi tí mo bá gbé fóònù gun òrùlé, òrùlé yẹn gan-an ni wọn kò sì jẹ́ kí n dé.

ỌmọAkọkà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sún síwájú sún sẹ́yìn mọ́. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ ibi tí ẹ dúró mọ́lẹ̀, ẹ mú "Measure distance", ẹ fà á dé orí ilé náà. Ẹ ti mọ bó ṣe jìnnà nìyẹn. Ẹ wá fi tan igun kan ṣoṣo sọ ọ́ di púpọ̀, ó parí.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ pé àwa fi í wọn NECOM House láti etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, kò sì bọ́ sí i. Máàpù ní ó jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 8, áàpù ka dígírì 2, ìdáhùn jẹ́ mítà 279. Ohun tí wọ́n máa ń kọ nípa ilé yẹn ni pé ó ga tó nǹkan bíi mítà 160. Ayé tó rí roboto ló fà á. Ilẹ̀ tẹ̀ láàárín àwa àti Marina.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ìwọ akunlé, fóònù rẹ kò ní àrùn, ìlànà náà sì dáa. Mítà 10 tí o sún sẹ́yìn ni kò tó. Wo ohun tí ìlànà náà ń ṣe:

```
h = d × tan(a) × tan(b) ÷ (tan(b) − tan(a))
```

h ni gíga tí ò ń wá, d ni ibi tí o sún sẹ́yìn dé, b ni igun iwájú, a ni igun ẹ̀yìn. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ohun tó wà lábẹ́ ìlà pínpín, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín tan méjèèjì. Bí o bá sún díẹ̀, igun méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Tìrẹ fi dígírì 3 péré yàtọ̀, áàpù rẹ sì ń ka dígírì odidi, kò mọ ìdajì. Bó bá ṣìnà ní dígírì kan, ìdá mẹ́ta gbogbo ohun tí o fẹ́ wọn ló ti gbé lọ. Ó dà bí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n àpò ìrẹsì wọn iyọ̀ ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi di 31, 43 àti 63.

Sún sẹ́yìn gan-an. Ó kéré tán, kí ibi tí o sún dé tó ìdajì bí ilé ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ níwájú. Bó bá jẹ́ ọgọ́rin mítà ni ó jìnnà sí ọ níwájú, wá 40 sẹ́yìn. Kí o sì wá áàpù tó ń kọ ìdá mẹ́wàá dígírì, irú 29.9, kì í ṣe 30 lásán.

Ọmọ Akọkà, ọ̀rọ̀ máàpù tí o sọ dáa, n óò padà sí i nítorí ó ní ihò méjì. Ṣùgbọ́n má di ẹ̀bi ru ayé. Ní kìlómítà 8, bí ilẹ̀ ṣe tẹ̀ kò lè fi ju nǹkan bíi mítà 5 pamọ́, ńṣe ni ìyẹn á sì mú kí ilé kúrú lójú yín, kò ní mú un ga sí i. Ohun tó ṣe yín ni èyí: ilé tó ga ní mítà 160 tó wà ní kìlómítà 8, igun rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1.1 lọ. Áàpù tó ń ka odidi dígírì á sọ 1 tàbí 2. Bó bá sọ 1, ilé di mítà 140. Bó bá sọ 2, ó di 279. Kò sí nǹkan kan láàárín tí ó lè sọ. Àní bí áàpù bá tilẹ̀ ń ka ìdá mẹ́wàá, àṣìṣe ìdajì dígírì ní ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ á fi bíi mítà 70 kún ilé tàbí kó yọ ọ́ kúrò.

Ibi tí igun bá ti wà láàárín 30 sí 45 ni ọwọ́ á ti balẹ̀ jù. Bó bá wọ ìsàlẹ̀ 10, máa gbọ̀n.

ỌmọAkọkà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Bí a bá wá fẹ́ lo NECOM House fi dán ọwọ́ wò ńkọ́? Ó ṣáà ní iye tí gbogbo èèyàn mọ̀. A lè dúró sí orí afárá Third Mainland, ibẹ̀ sún mọ́ ọn ju Akọkà lọ.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Ẹ má dúró lórí Third Mainland wọn nǹkan kan o. Eré ọkọ̀ orí afárá yẹn kò mọ ẹlẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá sì ń kọjá, afárá á máa mì, nọ́ńbà orí fóònù á máa fò.

Ilé yẹn dáa fún ìdánwò lóòótọ́. Ní ayé ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1979, NET là ń pè é, àwa àgbà kan ṣì ń pè é ní NITEL. Àjà 32 ni. Àmọ́ kí ẹ tó fi ìdáhùn yín wé 160, ẹ mọ ibi tí ẹ kọjú fóònù sí: ṣé etí òrùlé ni, àbí ṣóńṣó irin tó wà lórí rẹ̀? Ìwọ̀n gíga ilé tí wọ́n ń kọ kiri kì í sábà sọ èwo ni wọ́n kà. Bí ìdáhùn yín bá yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin àti wọn kò wọn ohun kan náà.

ÌyáÌbejìMúṣin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ yín. Òpó nẹ́tíwọọ̀kì kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Múṣin. Òru tí atẹ́gùn bá ń jà, n kì í sùn. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí lè jẹ́ kí n mọ̀ bóyá, tó bá wó, ó máa dé orí ilé wa? Èmi kò mọ tan o, mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tipẹ́.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Ìyá Ìbejì, tiyín kò nílò tan. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé yín tó kọjú sí òpó náà, ẹ gbé fóònù, kí ẹ wo ṣóńṣó òpó. Bí áàpù bá ka dígírì 45 gẹ́lẹ́, bí ìdí òpó ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ yín náà ni ṣóńṣó ṣe ga sí ojú yín. Bó bá ju 45 lọ, òpó ga ju bó ṣe jìnnà lọ, ó lè dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá wà nísàlẹ̀ 45 dáadáa, ó ṣeé ṣe kó má dé. Ẹ ṣáà rántí pé ojú yín ni fóònù ti ń kà, kì í ṣe ilẹ̀, nítorí náà gíga òpó fi nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ ju ohun tí fóònù sọ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé òpó onírin kì í sábà ṣubú gbọọrọ bí igi. Ó lè ká ní àárín. Bí yóò ṣe wó àti bóyá yóò wó, ẹnjiníà ló mọ ìyẹn.

AkunléYábàá

Bàbá, mo ti gba áàpù míì tó ń ka ìdá mẹ́wàá. Ó ní àmì àgbélébùú lójú kámẹ́rà tí mo fi ń nàka sí orí ilé. Àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù lé tábìlì, ó ka 0.9. Tábìlì mi ni kò dọ́gba ni àbí fóònù?

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Ó lè jẹ́ méjèèjì, ìwọ fúnra rẹ ló sì máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Kọ́kọ́ bọ́ kéèsì fóònù kúrò, kí o sì rí i pé kì í ṣe bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbé e sókè. Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì, kà á. Wá yí i padà, kí orí rẹ̀ wá sí ibi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan náà ṣì wà nílẹ̀, tún kà á. Bí tábìlì bá tẹ̀, yóò fi kún ìkà kan, yóò sì yọ iye kan náà kúrò nínú ìkejì. Àṣìṣe fóònù kì í yí padà. Ro ìkà méjèèjì pọ̀, pín in sí méjì: ti fóònù nìyẹn. Ìyókù jẹ́ ti tábìlì. Ṣọ́ra fún áàpù tí kì í kọ àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà. Bó bá tẹ̀ sí òdìkejì, irú èyí á sọ fún ọ pé 0.3 nígbà tó yẹ kó sọ −0.3.

AkunléYábàá

Ìkejì ka 0.3, kò sí àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀. 0.9 àti 0.3 jẹ́ 1.2, ìdajì rẹ̀ 0.6. Nítorí náà fóònù mi ń fi 0.6 kún gbogbo ohun tó bá kà, tábìlì sì fi 0.3 tẹ̀. Ọkùnrin káfíńtà yẹn á gbọ́ o.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Ìyẹn dáa, àmọ́ kò tíì tán. O ní ojú kámẹ́rà lo fi ń nàka. Tábìlì dán ara fóònù wò, kò dán kámẹ́rà wò. Ojú kámẹ́rà àti ẹ̀gbẹ́ fóònù lè má kọjú síbi kan náà gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí o bá gba etí òkun kọjá, ní Ẹlẹ́gúṣì tàbí ibikíbi tí omi òkun ti ṣí sílẹ̀, fi àgbélébùú lé ibi tí omi àti sánmà ti pàdé. Ó yẹ kó ka òdo. Ohunkóhun tó bá kà yàtọ̀ sí òdo ni kí o máa yọ kúrò, ti kámẹ́rà àti ti fóònù ti wà nínú rẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Etí ọ̀sà ní Akọkà náà á ṣe é, nítorí etí omi òdìkejì jìnnà púpọ̀.

ỌmọAkọkà

Mo wà létí ọ̀sà báyìí. Tèmi ka 1.4. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fìdí mọ́lẹ̀ ná.

AkunléYábàá

Mo kọjá sí Akọkà náà ní ìrọ̀lẹ́, ti kámẹ́rà mi ka 0.6, bákan náà pẹ̀lú tábìlì. Nítorí náà 0.6 ni mo ń yọ.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo yá téèpù gígùn lọ́wọ́ bíríkìlà ọ̀rẹ́ mi. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí mo ti ń rí igun òkè ilé lápá òsì dáadáa. Ìkà náà ń lọ láàárín 30.3 àti 30.7, èyí tó ń wá jù ni 30.5. Mo yọ 0.6, ó ku 29.9. Mo sún sẹ́yìn mítà 40, mo wo igun òsì yẹn náà, 21.6, mo yọ 0.6, ó ku 21.0.

Mo fi í sínú ìṣirò, ilé wá jẹ́ ìyọkúrò nǹkan kan mítà! Ẹ gbà mí.

ỌmọAkọkà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ tan 30 sínú ẹ̀rọ ìṣirò yín. Bó bá sọ 0.577, ó dáa. Bó bá sọ −6.4, kì í ṣe dígírì ló ń lò, rédíánì ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Rad tàbí Deg sí lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ sípírẹ́díṣíìtì, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
=40*TAN(RADIANS(21))*TAN(RADIANS(29.9))/(TAN(RADIANS(29.9))-TAN(RADIANS(21)))
```

46.2 ni mo rí.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

O ṣeun, ọmọ Akọkà, ìyẹn wúlò gan-an.

46.2 yẹn jẹ́ láti ojú akunlé sókè. Fi bí ojú rẹ̀ ṣe ga sí ilẹ̀ kún un. Bó bá jẹ́ mítà 1.6, ó di 47.8. Kí o tó gbà á, jẹ́ kí n fi bó ṣe lè yẹ̀ hàn ọ́. Bí ìkà ẹ̀yìn bá jẹ́ 21.2 dípò 21.0, 46.2 yẹn á di 47.7. Ìdá márùn-ún dígírì ṣoṣo ló fi mítà kan ààbọ̀ kún un. Bó bá ṣìnà ní odidi dígírì, ó lè lọ láti 39.7 dé 54.3. Nítorí náà fi fóònù ti nǹkan kan nígbà tí o bá ń kà, òpó iná tàbí ògiri, má fi ọwọ́ lásán gbé e.

Mo ní ìbéèrè méjì. Títì tí o dúró sí, ṣé ó kọjú sí ilé náà tààrà, àbí ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ? Ìlànà yìí gbà pé ibi méjèèjì tí o dúró àti igun òrùlé wà lórí ìlà kan. Bí o bá fi ara gba ẹ̀gbẹ́ bí o ti ń sún sẹ́yìn, mítà 40 orí téèpù kì í ṣe mítà 40 sí ilé. Ọ̀nà àtimọ̀ ni pé kí ọmọ iṣẹ́ rẹ di ọ̀pá mú ní òòró níbi tí o kọ́kọ́ dúró. Láti ẹ̀yìn, ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí abẹ́ igun òrùlé tí ò ń wò gẹ́lẹ́.

Ìkejì: mítà 40 yẹn, téèpù ni o fi wọ̀n ọ́n délẹ̀, àbí o fi ẹsẹ̀ kà díẹ̀ nínú rẹ̀? Bó bá jẹ́ 38 ni ní tòótọ́, gíga á dín mítà méjì.

AkunléYábàá

Téèpù ni, Bàbá, ó sì nà dáadáa. Ti ọ̀pá, mo ṣe é lówùúrọ̀ yìí, ó bọ́ sí i, ó fi díẹ̀ yà sí ọ̀tún ṣùgbọ́n kò tó nǹkan.

ÀgbàỌlọ́dà_Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń da ara yín láàmú. Àwa ń ka àjà ni. Àjà kan, mítà mẹ́ta. Àjà mélòó ni ilé náà?

AkunléYábàá

Àjà 14, Bàbá.

ÀgbàỌlọ́dà_Ìdúmọ̀tà

Mítà 42 nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀, lọ gba iṣẹ́ rẹ.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mítà mẹ́ta bá ilé gbígbé mu ju ilé ọ́fíìsì lọ. Ọ́fíìsì máa ń ní àyè fún wáyà àti ẹ̀rọ amúlétutù lókè àjà, ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń gba àlejò sì máa ń ga ju àwọn yòókù. Pín 47.8 sí 14, ó jẹ́ 3.4 fún àjà kan. Ìyẹn bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Ká ní ìṣirò rẹ̀ ti fún wa ní 2.2 tàbí 4.5 fún àjà kan, ibẹ̀ ni kíka àjà ìbá ti gbà wá, nítorí a ó mọ̀ pé ìkà kan ti ṣìnà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ máàpù. Lo máàpù náà kí a fi wé e, ó tilẹ̀ lè dáa ju tìrẹ lọ. Bí o bá mọ bí ilé ṣe jìnnà, tí igun sì jẹ́ bíi 30, àṣìṣe dígírì kan kò ní ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, nígbà tó jẹ́ mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ìlànà ibi méjì. Ihò méjì tí mo wí ni ìwọ̀nyí.

Èkíní, má gba àmì búlúù tó ń sọ pé "ibi tí o wà nìyí" gbọ́. Láàárín ilé gíga, ó lè fi mítà púpọ̀ gbé ọ sọnù. Wá nǹkan tí o lè rí lórí ilẹ̀ àti lójú àwòrán sátẹ́láìtì, orígun fẹ́ńsì tàbí ìdí òpó, kí o dúró síbẹ̀, kí o sì fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà síbẹ̀.

Èkejì ni ó máa ń mú àwọn èèyàn. Sátẹ́láìtì kì í sábà wo ilé láti òkè tààrà, ó máa ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ilé gíga á wá fara hàn bí ẹni pé ó dùbúlẹ̀: òrùlé rẹ̀ wà níbì kan, ìdí rẹ̀ wà níbòmíì. Bí o bá lè rí ara ògiri ilé nínú àwòrán, tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ dé ibi tó ti kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ìlà rẹ parí sí, ní ìsàlẹ̀ igun tí o wò gan-an. Ọmọ Akọkà sọ pé kí o fà á "dé orí ilé". Ìyẹn ni kí o má ṣe.

ỌmọAkọkà

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo àwọn ilé Marina lójú àwòrán. Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló fẹ̀yìn tì.

AkunléYábàá

Mo ti ṣe é láti ìdí òpó iná níbi tí mo dúró sí níwájú. Máàpù ní mítà 82 sí ìdí ògiri. 82 ní ọ̀nà 0.575, ìyẹn tan 29.9, jẹ́ 47.2. Mo fi 1.6 kún un, ó di 48.8. Ti ìṣáájú jẹ́ 47.8. Mítà kan ló wà láàárín wọn.

Àmọ́ táńkì omi wà lórí òrùlé tó tún ga ju igun tí mo wò lọ. Ṣé kí n tún wò ó?

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Ṣé o fẹ́ kun táńkì ni? Bí o kò bá ní kun ún, fi sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, rántí pé táńkì kò sí ní etí ilé, ó wà láàárín òrùlé. Bó bá fi mítà 10 wọ inú, 92 ni kí o fi ṣírò, kì í ṣe 82. Bí o bá fi 82 ṣe é, o ti fi bíi mítà mẹ́fà gé e kúrú. Ilé tí òrùlé rẹ̀ bá sún wọ inú ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, bákan náà ni.

Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni ìdí ilé náà. O fi 1.6 kún un, ìyẹn ni pé o gbà pé ilẹ̀ tí ilé wà àti títì tí o dúró dọ́gba. Fẹ́ńsì bo ìdí ilé, o kò rí i. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin, wọ́n sábà máa ń kó yẹ̀pẹ̀ gbé ilẹ̀ ga, títì náà sì lè ga ju inú ọgbà lọ. Bí inú ọgbà bá fi mítà kan ààbọ̀ wà nísàlẹ̀, ilé rẹ ti fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ohun tí o kọ. Bí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà nítòsí tó ga ju fẹ́ńsì, gun un, kí o ka igun sísàlẹ̀ sí ìdí ilé.

AkunléYábàá

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà, àmọ́ igi àgbàlùmọ̀ kan bo ibi tó yẹ kí n rí. Òjò sì máa ń dúró síwájú géètì yẹn bó bá rọ̀, èyí jẹ́ kí n rò pé inú ọgbà wà nísàlẹ̀ títì lóòótọ́. Èmi fẹ́ kọ mítà 50 sínú ìwé owó.

ÀgbàỌlọ́dà_Ìdúmọ̀tà

50 kò burú fún ọ̀dà. Má fi ra okùn o. Okùn tí ènìyàn máa gùn kì í ṣe ohun tí a ń fi fóònù wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kí o gun òrùlé, so òkúta mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, sọ ọ́ kalẹ̀ dé ilẹ̀, fà á sókè, wọn ọ́n. Ìyẹn ni ìwọ̀n. Kí o sì yọ fèrèsé kúrò nínú ọ̀dà, ilé ọ́fíìsì lè jẹ́ gíláàsì ju ògiri lọ.

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Mo fara mọ́ ọn pátápátá lórí ọ̀rọ̀ okùn. Lórí 50, èmi ìbá kọ 49, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a ó tún un wọ̀n bí a bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ oníbàárà rẹ.

ÌyáÌbejìMúṣin

Bàbá awọnlẹ̀, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọmọ mi bá mi gba áàpù náà, a dúró sí ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó ka 52. A ti yọ àṣìṣe fóònù. Ṣé bó ṣe rí náà nìyẹn?

Awọnlẹ̀Ṣómólú

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì. 52 ju 45 lọ dáadáa, àṣìṣe fóònù kékeré kò lè yí i padà. Òpó náà ga ju bí ìdí rẹ̀ ṣe jìnnà sí ògiri yín lọ. Ẹ lọ wo géètì ọgbà òpó náà, wọ́n máa ń lẹ pátákó tó ní orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹni tó ni ín mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín.

DáúdàKẹ́tu

Mo ṣì ń wo tèmi. Ó ti di mítà 44 báyìí, n kò sì dìde lórí àga.